Káàdì 214: òru tí iṣẹ́ síǹkì mi kọ orúkọ lórí orúkọ

Aago 9:47 àárọ̀ ni fóònù mi dún. Àǹtí tó máa ń gba àwọn aláìsàn wọlé ní kíliníìkì ni. Ohùn wọn ò le, wọn ò sì kánjú. Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, bá mi wo nǹkan kan. Mo tẹ káàdì 214, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 ló gbé jáde fún mi. Màmá àgbà tó ni káàdì yẹn ló sì dúró síwájú mi yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún nọ́ḿbà náà tẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, ọmọkùnrin náà ló tún jáde. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ màmá wá wọn. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ṣí lọ́gì iṣẹ́ síǹkì tó ń kó orúkọ aláìsàn wọ détábéèsì lóru, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ náà máa ń kọ ohun tó bá ṣe sí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, òru àkọ́kọ́ tó máa dá ṣiṣẹ́ sì nìyẹn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ rèé:

```
INSERT 0 1380
sync finished: 1380 rows, 0 errors
```

Kò sí àṣìṣe kankan. Aláìsàn 1,380 ni mo fẹ́ kó wọlé, 1,380 náà ló kọ síbẹ̀. Mo wá sọ fún àǹtí pé iṣẹ́ òru lọ dáadáa, pé bóyá ẹnì kan ti fún ẹlòmíràn ní nọ́ḿbà yẹn láìmọ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣì máa ń dùn mí títí di òní. Obìnrin tó mọ ojú aláìsàn, tó mọ ohùn rẹ̀, tó mọ ọmọ tó máa ń sìn ín wá, ń sọ fún mi pé ẹni tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹni tó wà níwájú òun. Ìlà méjì nínú lọ́gì tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni mo gbà gbọ́ dípò wọn.

Aago 10:15 ni wọ́n tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni. "Kì í ṣe 214 nìkan mọ́ o. 88, 301, 1,106, gbogbo wọn ló ti di ẹlòmíràn. Àwọn tuntun tí káàdì wọn ti lé ní 6,000 nìkan ni mo rí tó dúró bó ṣe wà." Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló jí mi. Àwọn nọ́ḿbà kéékèèké ló bàjẹ́, àwọn ńláńlá ò bàjẹ́. Ara mi tutù. Mo ti mọ ohun tí mo ṣe kí n tó gbé fóònù kalẹ̀.

Oṣù kẹjọ mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ kóòdù nígbà náà. Kíliníìkì náà ní ibùdó ńlá kan tó ti ń lo ètò wa fún ọdún bíi mélòó kan, aláìsàn 6,412 ló sì wà nínú détábéèsì wọn. Wọ́n wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀ka kékeré kan mọ́ra. Ẹ̀ka yẹn ti ń tọ́jú àwọn ènìyàn tipẹ́ kó tó di tiwọn, ó sì ní àkójọ orúkọ tirẹ̀, aláìsàn 1,380, nínú fáìlì kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò wa ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èmi ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà fún: kí n máa gba fáìlì ẹ̀ka náà lálaalẹ́, kí n fi ẹni tuntun kún tábìlì àwọn aláìsàn, kí n sì tún àlàyé ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣe bí nǹkan bá yí padà, bóyá nọ́ḿbà fóònù tàbí àkọtọ́ orúkọ.

Ọ̀nà tí PostgreSQL, détábéèsì tí a ń lò, fi ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà wà. Èèyàn á sọ fún un pé: fi ìlà yìí wọlé, bí irú rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, má fi òmíràn kún un, èyí tó wà níbẹ̀ ni kí o tún ṣe. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́:

```sql
INSERT INTO patients (card_no, full_name, birth_date, phone)
SELECT card_no, full_name, birth_date, phone
FROM branch_import
ON CONFLICT (card_no) DO UPDATE
SET full_name  = EXCLUDED.full_name,
    birth_date = EXCLUDED.birth_date,
    phone      = EXCLUDED.phone;
```

Ẹ wo ìlà tó ní `ON CONFLICT (card_no)`. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Ohun tí mo ń sọ fún détábéèsì níbẹ̀ ni pé nọ́ḿbà káàdì la fi ń dá ènìyàn mọ̀, pé bí nọ́ḿbà méjì bá jọra, ẹnì kan náà ni wọ́n. Òótọ́ sì ni, bí a bá dúró sí ibùdó ńlá nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kékeré náà ti ń fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ní káàdì tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, láti orí 1 títí dé 1,380. Ibùdó ńlá náà bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Màmá àgbà ni 214 níbí, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 ni 214 lọ́hùn-ún. Nígbà tí iṣẹ́ mi dé orí ọmọ náà, ó bi détábéèsì bóyá 214 wà. Détábéèsì ní ó wà. Ó wá pa orúkọ màmá rẹ́, ó pa ọjọ́ ìbí wọn àti nọ́ḿbà fóònù wọn rẹ́, ó sì kọ ti ọmọ náà sí ojú ibẹ̀. Ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Mo ti dán an wò o. Mi ò kàn sọ ọ́ sí orí détà àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà détábéèsì náà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fọwọ́ kọ aláìsàn àfọwọ́dá 50 sínú fáìlì, mo sì fún wọn ní káàdì 9001 sí 9050, kí n lè tètè rí wọn, kí wọ́n má sì dàpọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn gidi. Ìṣọ́ra tí mo ṣe yẹn gan-an ló bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ní káàdì 9001 níbùdó ńlá, nítorí náà kò sí nọ́ḿbà méjì tó pàdé. Gbogbo àádọ́ta wọlé wẹ́rẹ́. Mo yí fóònù ẹnì kan padà nínú fáìlì, mo tún iṣẹ́ náà ṣe, fóònù náà yí padà. Mo ní ó ti parí. Ká ní ogún ìlà péré nínú fáìlì ẹ̀ka náà gan-an ni mo lò, káàdì 1 sí 20, ǹ bá ti rí i lọ́jọ́ yẹn pé ogún orúkọ níbùdó ńlá ti dàwátì.

Lọ́gì ńkọ́? Kí ló dé tí kò sọ ohunkóhun? Ọ̀rọ̀ yìí yé mi nísinsìnyí, ó sì tọ́ kí ẹni tó bá ń lo irú àṣẹ yìí mọ̀ ọ́n. Nígbà tí PostgreSQL bá kọ `INSERT 0 1380`, iye ìlà tó fọwọ́ kàn ló ń kà. Ìlà tuntun tó fi kún un àti ìlà àtijọ́ tó tún kọ, méjèèjì ló kó pọ̀ sínú 1,380 yẹn. Kò pín wọn sọ́tọ̀ fún èèyàn. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni iye àwọn tó wà nínú tábìlì lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ènìyàn 6,412 tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú 1,380 tuntun, ó yẹ kó jẹ́ 7,792. Nígbà tí mo kà á láàárọ̀ yẹn, tí mo yọ àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti aago 8 kúrò, 6,453 ni mo bá. Ẹni 41 péré ló kún un: àwọn tó ní nọ́ḿbà tí ibùdó ńlá ti yọ kúrò nínú àkójọ rẹ̀ tipẹ́, tí kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ mọ́. Àwọn 1,339 yòókù kò wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun. Orí ẹlòmíràn ni wọ́n jókòó lé.

Mo pe ọ̀gá mi, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á pariwo. Wọn ò pariwo. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Àwọn dókítà ti mọ̀?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Àwọn ni kí o kọ́kọ́ pè. Kóòdù á dúró dè wá."

Èmi rò pé ohun tó burú jù ni pé orúkọ ti pòórá. Dókítà àgbà ló là mí lójú sí ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Nínú ètò wa, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti fóònù ló wà nínú tábìlì aláìsàn. Ìtàn àìsàn, oògùn tí wọ́n ti fún ènìyàn, àti àwọn oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ wà nínú àwọn tábìlì mìíràn. Nọ́ḿbà inú lọ́hùn-ún kan, tí wọ́n ń pè ní `id`, tí aláìsàn kì í rí, ló so wọ́n pọ̀ mọ́ orúkọ náà. Iṣẹ́ mi kò fọwọ́ kan `id`. Nítorí náà, ìtàn àìsàn màmá àgbà ṣì wà níbẹ̀ pátápátá, àmọ́ orúkọ ọmọ ọdún 9 ló wà lókè rẹ̀.

Ewu méjì ló ti ibẹ̀ jáde. Ti ẹ̀ka kékeré ni pé, ká ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò náà, wọ́n á wá ọmọ náà pẹ̀lú orúkọ, wọ́n á rí i, inú wọn á dùn, wọ́n á sì ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru arúgbó sí i lọ́rùn. Orí bá wa ṣe é, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ti ibùdó ńlá ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí àǹtí tó fura rárá, àwọn ènìyàn ti ń wọlé láti aago 8. Àwọn kan kò mú káàdì dání, orúkọ ni wọ́n fi wá wọn, a ò sì rí wọn. Kí ni ẹni tó ń gba èèyàn wọlé máa ń ṣe bí kò bá rí orúkọ? Á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tuntun. Èèyàn méje ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún láàárọ̀ yẹn, àǹtí àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ojú ìwé mímọ́ gaara ni dókítà ṣí fún àwọn méje yìí. Kò sí ìtàn. Níbi tí wọ́n ti ń kọ oògùn tí ara ẹni kọ̀, kò sí nǹkan kan. Ojú ìwé tó ṣófo báyìí kò sì yàtọ̀ lójú sí ti ẹni tí kò sí oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn jẹ́ bàbá kan tó ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun. Ara wọn kọ pẹnisílínì. Ó ti wà nínú ìwé wọn láti ọdún pípẹ́, nínú ìwé àtijọ́ tí a ò rí. Dókítà tó rí ojú ìwé tó ṣófo kọ amọksisílínì fún wọn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni amọksisílínì pẹ̀lú pẹnisílínì. Nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn ló bi wọ́n, bó ṣe máa ń bi gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe pé ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí kò sí: "Bàbá, ṣé oògùn kankan wà tí ara yín kì í gbà?" Bàbá ní pẹnisílínì ni. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn náà padà, ó sì lọ bá dókítà.

Aago 9:20 nìyẹn ṣẹlẹ̀, ká tó mọ̀ rárá. Mi ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì náà sọ ọ́ fún mi, kò sì fi ṣe bí ẹni tó ṣe bàbàrà. Mo jókòó sórí àga kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. Títí di aago yẹn, ìlà inú tábìlì ni mo ti ń pe gbogbo wọn.

Dókítà àgbà ní kí gbogbo ènìyàn fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kí wọ́n padà sórí ìwé. Wọ́n kó orúkọ aláìsàn 23 tó ti wọlé láti aago 8 jọ, nọ́ọ̀sì méjì sì ń yẹ oògùn tí wọ́n kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n ń pe àwọn tó ti lọ sílé lórí fóònù. Mo pa iṣẹ́ òru náà kí ó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá kọjú sí bí a ó ṣe dá orúkọ padà.

Ẹ̀dà ìpamọ́ wà. Lálaalẹ́, ní aago 2 òru, sáfà máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo détábéèsì, ó sì ń tọ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn. Èyí tó dùn mí ni pé aago 12 ni iṣẹ́ mi ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀dà aago 2 òru yẹn gan-an ti gbé ìbàjẹ́ náà mì. Ti ọjọ́ tó ṣáájú ló mọ́. Mo ronú sí i pé ká ní òru ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣẹlẹ̀, tí kíliníìkì ò sì ṣí títí di ọjọ́ Ajé, ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá ti jẹ́ èyí tó bàjẹ́. Ẹ̀dà tó mọ́ ì bá ti lọ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ọwọ́ mi ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù láti da ẹ̀dà àtijọ́ yẹn sórí détábéèsì tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi gbá mi lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Ẹ̀dà yẹn kò mọ ohunkóhun nípa àná. Gbogbo ẹni tí dókítà rí lánàá, gbogbo oògùn tí wọ́n kọ, o fẹ́ pa wọ́n rẹ́ pẹ̀lú?" Lójú tèmi nígbà yẹn, dídá nǹkan padà ni kí gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Lójú tiwọn, ohun tó bàjẹ́ nìkan ni kí a mú padà, kí a má fọwọ́ kan èyí tó kù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan gbogbo kíliníìkì.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kan la ti tú ẹ̀dà náà:

```
createdb clinic_old
pg_restore -d clinic_old clinic.dump
```

A mú tábìlì aláìsàn nìkan láti inú rẹ̀, a gbé e sínú détábéèsì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, `old_patients`, kí àtijọ́ àti tuntun lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí a tó yí ohunkóhun padà, a kọ́kọ́ ka iye ẹni tí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí rẹ̀ yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Mo ti ṣírò pé 1,339 ló yẹ kó jẹ́. 1,342 ló jáde.

Mo fẹ́ kọjá lọ. Mẹ́ta péré ni, kí ni mẹ́ta? Ọ̀gá mi ní kí n kọ àwọn mẹ́ta náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n gbé wọn lọ fún àǹtí. Àǹtí wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Èmi ni mo tún àwọn yìí ṣe lánàá. Ẹni yìí lọ́kọ, ó yí orúkọ padà. Àwọn méjì yìí, wọ́n ṣi ọjọ́ ìbí wọn kọ." Káàdì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ju 1,380 lọ, kò kan iṣẹ́ mi. Bí a bá ti fi ẹ̀dà àtijọ́ bo gbogbo ohun tó yàtọ̀, a ì bá ti pa àtúnṣe òótọ́ mẹ́ta rẹ́ lórí pé a fẹ́ tún nǹkan ṣe. Ìgbà tí 1,342 ti yé wa tán, tí kò sí ẹyọ kan tí a ò lè ṣàlàyé, ni a tó kọ èyí:

```sql
BEGIN;
UPDATE patients p
SET full_name  = o.full_name,
    birth_date = o.birth_date,
    phone      = o.phone
FROM old_patients o
WHERE p.id = o.id
  AND p.card_no IN (SELECT card_no FROM branch_import);
```

`UPDATE 1339` ló dáhùn. Nítorí `BEGIN` tó wà lókè, kò tíì di ohun tí ẹlòmíràn lè rí. A ṣì lè kọ̀ ọ́. A pe 214. Orúkọ màmá jáde. A pe 88, 301 àti 1,106. Àǹtí dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi ní kí n tẹ `COMMIT`.

Iṣẹ́ tó kù ló pẹ́ jù, kò sì sí kóòdù tó lè bá wa ṣe é. Àwọn méje tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní láti padà di ẹnì kan: ohun tí dókítà kọ láàárọ̀ yẹn ní láti bọ́ sábẹ́ `id` wọn àtijọ́, kí a tó yọ ìwé tuntun náà kúrò. Àǹtí ń pe orúkọ, èmi ń ṣe é, ọ̀gá mi ń wò ó. Àwọn ẹni 41 tó wọlé láti ẹ̀ka kékeré, a yẹ̀ wọ́n wò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni so mọ́ wọn, a sì yọ wọ́n. Fóònù mẹ́rin tí àwọn aláìsàn yí padà ní ọjọ́ tó ṣáájú ti bá ẹ̀dà àtijọ́ lọ. Inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ ni àǹtí ti wá wọn rí. Aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tún fi kọ̀ǹpútà gba ẹni àkọ́kọ́ wọlé.

Ọ̀nà àtúnṣe gangan kò gùn. Káàdì nìkan kò lè dá ènìyàn mọ̀ mọ́, àyàfi káàdì pẹ̀lú ẹ̀ka tó ti wá. A fi òpó kan tó ń jẹ́ `branch` kún tábìlì, a kọ orúkọ ibùdó ńlá sí i fún gbogbo ẹni tó ti wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà:

```sql
ALTER TABLE patients DROP CONSTRAINT patients_card_no_key;
ALTER TABLE patients ADD CONSTRAINT patients_branch_card_key
  UNIQUE (branch, card_no);
```

Mo wá tún iṣẹ́ náà kọ pẹ̀lú `ON CONFLICT (branch, card_no)`, kó sì máa sọ iye ẹni tuntun lọ́tọ̀ àti iye ẹni tó tún kọ lọ́tọ̀. Bí iye àwọn tó fẹ́ tún kọ bá ju 20 lọ, á dúró, á sì ránṣẹ́ sí èèyàn dípò kó máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi ni mo mú 20 yẹn, lẹ́yìn tí mo bi àǹtí léèrè iye ẹni tó máa ń yí fóònù tàbí orúkọ padà lójúmọ́. Wọ́n ní kì í kọjá márùn-ún.

Ohun mìíràn tún wà tí mo yí padà, mo sì rò pé òun ló ṣe mí lóore jù. Nígbà tí mo mú aago 12 òru, mo ní kò sí ẹni tí màá dí lọ́wọ́ nígbà yẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tún sí ojú kankan tó ń wò ó. Wákàtí mẹ́jọ ni ìbàjẹ́ náà fi wà níbẹ̀ kí ilẹ̀kùn kíliníìkì tó ṣí, wákàtí méjì mìíràn sì tún kọjá kí èmi tó gbà pé ó bàjẹ́. Iṣẹ́ tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní fi sí òru mọ́. Ọ̀sán ni, nígbà tí ẹni tó mọ àwọn aláìsàn bá wà nídìí kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀dà ìpamọ́ tuntun sì ti wà nílẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la tún un ṣe, aago 2 ọ̀sán. Mo lọ sí kíliníìkì fúnra mi. Mo gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àǹtí, mo bẹ̀ wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láìsí fóònù láàárín wa, fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí wọn ní aago 9:47 ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Màmá yẹn ń bọ̀ lọ́la. Jẹ́ ká rí i pé wọ́n wà níbẹ̀." Mo tẹ iṣẹ́ náà. Ẹni tuntun 1,380, ẹni tí a tún kọ 0, àpapọ̀ 7,823, ìyẹn pẹ̀lú àwọn 31 tí wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà.

Àǹtí kò wo nọ́ḿbà wọ̀nyẹn. Wọ́n fa kíbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀, wọ́n tẹ 214. Ènìyàn méjì ló jáde, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀: màmá àgbà ti ibùdó ńlá, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, àti ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 ti ẹ̀ka kékeré, tí ojú ìwé rẹ̀ ṣì ṣófo nítorí pé kò tíì wá rí dókítà kankan nínú ètò wa.